Ẹ̀jẹ̀ Nínú Ìgbẹ́ Àti Àìrígbẹ́yà: Ta Ni Àyẹ̀wò Kọlọnósíkópì Tọ́ Sí, Báwo La Sì Ṣe Ń Fọ Ìfun Sílẹ̀ Dè É?

Tí ẹ̀jẹ̀ bá tẹ̀lé ìgbẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Wọn á ní kí ẹni náà yé jẹ ohun dídùn, wọn á bá a ra àgbo jẹ̀dí nínú ìgò, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ wà tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin péré tí kò rí ìgbẹ́ yà ti tó fún un láti máa bẹ dókítà pé kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú òun. Nínú àwọn méjèèjì yìí, ẹni tó ń mu àgbo nílé ló ṣeé ṣe kí ó nílò kámẹ́rà náà jù. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún un kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀.

Orúkọ àyẹ̀wò náà ni kọlọnósíkópì. Ọ̀pá rọ́bà tó rọ̀ ni wọ́n ń lò, ó nípọn bí ìka ọwọ́, ó sì gùn ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ díẹ̀. Iná àti kámẹ́rà kékeré wà lórí rẹ̀. Ihò tóóró kan tún gba inú ọ̀pá náà kọjá, ibẹ̀ ni dókítà ń gbà ti wáyà tín-ín-rín láti já ẹran kékeré fún àyẹ̀wò tàbí láti gé kókó tó bá rí kúrò. Ihò ìdí ni wọ́n ń gbà tì í wọlé. Wọ́n á rọra máa tì í lọ títí yóò fi dé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá, níbi tí ìfun kékeré ti wá pàdé rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Ìgbà tí wọ́n bá ń fà á bọ̀ ni wọ́n ń wo ara ìfun dáadáa, dókítà tó mọṣẹ́ kì í sì í fi ìṣẹ́jú tó dín ní 6 ṣe fífà yẹn, kódà bí kò bá rí nǹkan kan.

Kámẹ́rà ń wo ara ìfun, kì í wo bí ìfun ṣe ń rìn

Ọ̀rọ̀ kan yìí ló ń yanjú ọ̀pọ̀ ìbéèrè. Ohun tí kọlọnósíkópì lè fi hàn wá ni ohun tó wà lára ògiri ìfun: egbò, kókó, jẹjẹrẹ, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú, ibi tó pọ́n tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Bí ìfun bá ń lọ́ra láti ti ìgbẹ́ síwájú, kámẹ́rà kò lè rí ìyẹn. Oògùn ti fọ ìfun náà mọ́ kí wọ́n tó wò ó, aláìsàn sì ti sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó dà bí ìgbà tí a bá fẹ́ mọ ìdí tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ fi ń wà lójú títì, tí a wá lọ wo títì náà ní aago méjì òru.

Àìrígbẹ́yà sì rèé, ọ̀rọ̀ bí ìfun ṣe ń rìn ni lọ́pọ̀ ìgbà. Omi kò tó lára, oúnjẹ jẹ́ kìkì ẹ̀bà àti búrẹ́dì láìsí ẹ̀fọ́ àti èso, tàbí kí ìgbẹ́ máa gbọ̀n ẹni kí ẹni náà máa pa á mọ́ra nítorí pé kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ ní ọjà tàbí níbi iṣẹ́. Oògùn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: tírámádọ́ọ̀lù àti kódíìnì, oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan. Àtọ̀gbẹ lè fà á, bẹ́ẹ̀ ni àìṣiṣẹ́ tó ti ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní táíróìdì. Oyún náà máa ń fà á. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ẹran ìdí wọn máa ń fún pọ̀ nígbà tó yẹ kó tú sílẹ̀, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dé ẹnu ọ̀nà. Kò sí èyí tí kámẹ́rà máa rí nínú gbogbo wọn. Ohun tó yẹ kí dókítà ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kó bi í ní ìbéèrè, kó wo àwọn oògùn tó ń lò, kó fi ìka wo ìdí rẹ̀, kó sì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ dókítà onímọ̀ ìfun ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó fi gbà pé a kì í ṣe kọlọnósíkópì nítorí àìrígbẹ́yà nìkan.

Àmọ́ “nìkan” yẹn ṣe pàtàkì. Bí àìrígbẹ́yà náà bá jẹ́ ohun tuntun lára ẹni tó ti lé ní ọdún 45, tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń yàgbẹ́ tẹ́lẹ̀ láìsí wàhálà, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ó yàtọ̀ pẹ̀lú bí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, bí ẹni náà bá ń rù láì gbààwẹ̀ láì ṣàìjẹun, bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tàbí bí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ bá ti ní jẹjẹrẹ ìfun rí. Nígbà náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nǹkan kan ló ń dí ọ̀nà, ara ògiri ìfun sì ni nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń wà.

Ẹ̀jẹ̀ kò rí bákan náà

Àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti ibi tó wà ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa fòò tó kán sínú ìkòkò ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́yìn tí ìgbẹ́ ti jáde tán, tàbí tí a rí lọ́wọ́ òsì nígbà tí a ń ṣe tahára, sábà máa ń wá láti ẹnu ọ̀nà. Bí kò bá sí ìrora, jẹ̀díjẹ̀dí ló ṣeé ṣe jù. Bí ó bá ń ta bí ìgbà tí a fi abẹ gé ibẹ̀, ìdí tó ya ni. Ẹ̀jẹ̀ tó pọ́n ṣókùnkùn, tó dàpọ̀ mọ́ ìgbẹ́ fúnra rẹ̀ tàbí tó bá ikun jáde, ń wá láti òkè díẹ̀ sí i, ìyẹn ló sì ń mú kí dókítà ronú kọlọnósíkópì. Ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà títì, tó ń lẹ̀, tó sì ń rùn burúkú, sábà máa ń jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti inú àpòlúkù wá. Kámẹ́rà tí wọ́n ń gba ẹnu tì wọlé ni wọ́n máa kọ́kọ́ lò fún ìyẹn, kì í ṣe ti ìdí. (Ẹni tó ń lo oògùn irin náà máa ń yàgbẹ́ dúdú, kí ẹ má wulẹ̀ fòyà. Tirẹ̀ kì í lẹ̀ bí ọ̀dà.) Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ wìì, tí òyì ń kọ́, kò gbọdọ̀ dúró ronú nípa àyẹ̀wò kankan nílé. Ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni ẹ gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dọ́bìnrin ọmọ ọdún 26 ṣe àpẹẹrẹ. Ìgbẹ́ rẹ̀ le, ó ń ta á bí ó bá ń yà á, ó sì rí ẹ̀jẹ̀ pupa díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kò rù, kò sí ẹni tó ní jẹjẹrẹ ìfun nínú ẹbí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tó. Dókítà lè wo ìdí rẹ̀ lójú kan náà kó rí ibi tó ya. Omi, ẹ̀fọ́, oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, jíjókòó sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àti oògùn ìpara tí dókítà bá kọ, ìyẹn ló tọ́ sí i. Bí kò bá san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó padà lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ wo inú díẹ̀, kámẹ́rà kúkúrú tó ń wo apá ìsàlẹ̀ ìfun nìkan wà, wọn kì í sì í sábà mu gálọ́ọ̀nù oògùn nítorí ìyẹn. Omi tí wọ́n máa fọ́n sí ìdí ti tó.

Àpẹẹrẹ kejì ni bàbá ẹni ọdún 56, awakọ̀ ọkọ̀ akérò. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti ń rí ẹ̀jẹ̀. Ó mu àgbo jẹ̀dí, ẹ̀jẹ̀ náà sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún padà wá. Ó tún mu ún, ó tún dúró. Ohun tó dá a lójú nìyí pé jẹ̀díjẹ̀dí ni: ṣebí àgbo jẹ̀dí ló ń gbọ́. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Kókó àti jẹjẹrẹ inú ìfun kì í ṣẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n máa ń ṣẹ̀jẹ̀ lónìí, wọ́n á dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbo jẹ̀dí sì máa ń mú inú rìn, ìgbẹ́ tó bá sì rọ̀ kì í ha ohun tó wà lójú ọ̀nà lára. Nítorí náà, pé ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn àgbo kò fi hàn rárá pé jẹ̀díjẹ̀dí ni.

Bàbá yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́ bó bá gun àtẹ̀gùn. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní pí-sí-fíì, ó jẹ́ 26. Ọkùnrin tó ara rẹ̀ le sábà máa ń ní 40 sókè. Ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, àti àìtó ẹ̀jẹ̀: ẹyọ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó láti jẹ́ kí wọ́n yẹ inú ìfun rẹ̀ wò. Ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ máa fi falẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ ìfun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara kókó kékeré tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó sì lè gba nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kó tó yí padà. Ní gbogbo àkókò yẹn, wáyà inú kámẹ́rà lè gé e dànù láìsí iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ di ti abẹ.

Àwọn ará wa tó wà lókè òkun mọ̀ pé wọ́n ti dín ọjọ́ orí tí àyẹ̀wò ìfun ti ń bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kù láti ọdún 50 sí 45 ní ọdún 2021, kódà fún ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ní Ẹ́ńgílándì, wọ́n ń fi àpò ìdánwò ìgbẹ́ ránṣẹ́ sí ilé lọ́dún méjìméjì fún àwọn tó wà láàárín ọdún 50 sí 74. Ẹ má ṣe jù ú sínú dùrọ́ọ̀. Àmọ́ ẹni tó ti ń rí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de àpò yẹn, dókítà rẹ̀ ni kó lọ bá.

Bí a ṣe ń fọ ìfun sílẹ̀

Ẹnu àwọn tó ti ṣe é kò yàtọ̀: kámẹ́rà kò nira, oògùn tí wọ́n mu kó tó di ọjọ́ náà ló le. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni ìdajì iṣẹ́, nítorí ìgbẹ́ kékeré tó lẹ̀ mọ́ ògiri lè bo kókó mọ́lẹ̀ kí dókítà má rí i.

Oògùn tó dára jù tó sì wọ́pọ̀ ni ìyẹ̀fun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ pọliẹtilíìnì gílákọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń gé kúrú sí PEG, pẹ̀lú oríṣi iyọ̀ mélòó kan nínú rẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn láti yé ni. Ara kò lè fa PEG mu, ó sì máa ń di omi tí a fi pò ó mú ṣinṣin. Omi tí ẹ mu lẹ́nu ni yóò gba inú ìfun kọjá bí ìgbà tí a fi omi ṣan gọ́tà, yóò sì jáde nísàlẹ̀. Iyọ̀ inú rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀n tó bá ti ara mu, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa pàdánù iyọ̀ rẹ̀ tàbí kó gbà ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí ló mú kó yàtọ̀ sí àwọn iyọ̀ ìyàgbẹ́ mìíràn. Àwọn yẹn ń fa omi jáde láti inú ara ni, wọ́n sì lè gbẹ arúgbó tàbí kó ba kíndìnrín ẹni tí tirẹ̀ kò lágbára jẹ́. Ẹ má fi àgbo tàbí iyọ̀ tí ẹ rà lọ́jà rọ́pò ohun tí wọ́n kọ fún yín.

Níbi tí PEG kò bá sí, àwọn dókítà kan máa ń fún aláìsàn ní omi mánítọ́ọ̀lù mu, ìyẹn omi dídùn tí wọ́n sábà ń fà sí iṣan. Ó ń fọ ìfun lóòótọ́, àmọ́ àwọn kòkòrò inú ìfun lè yí i padà sí gáàsì tó ń gbiná. Bí òun ni ẹ mu, ẹ rí i dájú pé ẹni tó fẹ́ fi wáyà gbígbóná gé kókó mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé bàbá awakọ̀ wa lọ. Ọjọ́rú, aago 10 àárọ̀ ni wọ́n dá fún un.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni wọ́n ti ní kó dá oògùn irin tó ń lò dúró, torí ó ń mú kí ìgbẹ́ dúdú kó sì máa lẹ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n bi í bóyá ó ń lo oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, bíi wáfárìn tàbí klopidógírẹ́ẹ̀lì. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí aláìsàn ń dá dúró fúnra rẹ̀, dókítà ló ń sọ ọjọ́ tí wọn yóò dá a dúró tàbí bóyá wọn kò ní dá a dúró rárá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, wọ́n ní kó fi omi díẹ̀ gbé e mì ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ká ní ó ní àtọ̀gbẹ ni, wọn ì bá dín oògùn rẹ̀ kù, torí ẹni tí kò jẹun tó sì lo gbogbo oògùn ṣúgà rẹ̀ lè dákú.

Láti ọjọ́ Àìkú, ó jáwọ́ nínú ohun tó ní èèpo, hóró àti okùn: ẹ̀wà, àgbàdo, ẹ̀pà, ẹ̀fọ́, ewédú, ilá, ọsàn, ìbẹ́pẹ, ata àti tòmátì tí a kò sẹ́ hóró rẹ̀ kúrò. Ìrẹsì funfun, búrẹ́dì funfun, ẹyin, ẹja àti adìẹ tí a sè jẹ́jẹ́ ló ń jẹ. Ẹni tí inú rẹ̀ máa ń gbẹ dáadáa nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá jẹ́ irú ẹni tó ń yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń kọ oògùn, nítorí wọ́n máa ń fi oògùn oníhóró bisakodáìlì kún un ní alẹ́ kan tàbí méjì ṣáájú. Àwọn tó bá fi èyí pamọ́ ni wọ́n sábà máa ń dá padà sílé pé inú wọn kò mọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí oúnjẹ líle mọ́. Ohun mímu tí a lè rí ìsàlẹ̀ ife nínú rẹ̀ nìkan ni: omi, tíì láìsí mílíìkì, omi ẹran tí a sẹ́, omi ápù, omi àgbọn. Sóbò kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun mímu pupa èyíkéyìí, torí pé bí ó bá kù sínú ìfun, yóò dà bí ẹ̀jẹ̀ lójú kámẹ́rà. Ẹ̀kọ mímu àti mílíìkì náà kò sí níbẹ̀.

Lítà 4 ni gbogbo oògùn rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí ènìyàn mu gbogbo rẹ̀ tán lálẹ́ kó lè sùn. Láàárín òru, ìfun kékeré á tún máa da omi tó dàpọ̀ mọ́ òróòro sísàlẹ̀, yóò sì gbẹ lé ara ìfun ńlá, pàápàá lápá ọ̀tún. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pín in sí méjì. Bàbá bẹ̀rẹ̀ lítà 2 àkọ́kọ́ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ife kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ti gbé e sínú fíríìjì tẹ́lẹ̀ torí pé tútù rẹ̀ ṣeé mu ju lílọ́ rẹ̀ lọ. Nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn ife àkọ́kọ́ ni ìgbọ̀nsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ife karùn-ún, èébì fẹ́ gbé e. Ó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sì tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Ní aago mẹ́rin òru, ó jí bí ẹni tó jí ṣe sààrì, ó mu lítà 2 yòókù, ó sì parí rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà. Láti aago mẹ́jọ, kò fi nǹkan kan kan ẹnu mọ́, kódà omi, torí oògùn tí wọ́n fẹ́ fi mú un tòògbé.

Báwo ló ṣe mọ̀ pé inú òun ti mọ́? Ohun tó ń jáde ló wò. Ní alẹ́, ó ṣì jẹ́ omi dúdú tó ní ègé ìgbẹ́ nínú. Ní aago mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ó ti di omi rírú. Ní àárọ̀, omi pípọ́n rẹ́súrẹ́sú ni, bí ìtọ̀ tàbí tíì tí kò ki, ìsàlẹ̀ ìkòkò sì hàn. Ìyẹn ni àmì tó péye. Bí ó bá ṣì rú, tó sì ní ègé nínú lẹ́yìn tí ẹ ti mu gbogbo rẹ̀ tán, ẹ pe ilé ìwòsàn kí ẹ tó kúrò nílé, wọ́n lè ní kí ẹ fi díẹ̀ kún un tàbí kí wọ́n fọ́n omi sí yín nídìí.

Ẹnì kan wà tí kò gbọdọ̀ mu oògùn yìí rárá kí dókítà tó wò ó: ẹni tí ikùn rẹ̀ wú, tí kò yàgbẹ́, tí kò lè só, tó sì ń bì. Ó ṣeé ṣe kí ìfun rẹ̀ ti dí pátápátá. Lítà 4 tó bá wọlé tí kò rọ́nà jáde lè bẹ́ ìfun. Bákan náà, bí inú rírun líle, ikùn wíwú àti èébì tí kò dúró bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti ń mu ún, ẹ dá a dúró kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Ààwẹ̀, ìtìjú àti ọjọ́ náà gan-an

Ẹni tó ń gbààwẹ̀ kò lè fọ ìfun, nítorí omi mímu ni gbogbo iṣẹ́ náà. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣeé sún, ẹ gbé e síwájú tàbí sẹ́yìn Ramadan. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ bíi bàbá yìí, Suratul Bakọra ti fún aláìsàn láyè láti jẹun kó sì san ọjọ́ náà padà nígbà tí ara bá yá. Ìbéèrè nípa ìrun nígbà tí ìgbọ̀nsẹ̀ kò jẹ́ kí àlùwàlá dúró, ẹ ti bi ààfáà yín kí ó tó di alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àwọn ìyá wa míràn kì í fẹ́ ṣe àyẹ̀wò yìí nítorí ìhòòhò. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n máa ń ní kí ènìyàn fi dùbúlẹ̀, aṣọ ilé ìwòsàn lọ́rùn, aṣọ ìbora lórí, ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n sì máa ń ṣí. Àwọn ilé ìwòsàn kan ní ṣòkòtò tó jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ní ojú. Ẹ lè béèrè fún dókítà obìnrin, bí kò bá sì sí, ẹ lè béèrè kí nọ́ọ̀sì obìnrin wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ béèrè rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń dá ọjọ́ fún yín, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì.

Oògùn tí wọ́n gbà sí iṣan á mú kí ènìyàn tòògbé. Nǹkan bí ogún sí ogójì ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ sínú yóò mú kí ikùn le díẹ̀, síso ló ń yanjú rẹ̀, kí ẹ má tijú. Ẹ má wa ọkọ̀ fún wákàtí 24, ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan sìn yín wá. Pé kí ọ̀pá náà lu ìfun kò wọ́pọ̀, kò tó ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ́wọ́ àwọn tó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Bí inú bá ń run yín tí kò dẹ̀, tí ikùn sì le bí pákó, tí ibà mú yín, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ ń jáde, ẹ má sùn lé e. Níbi tí wọ́n bá ti gé kókó, ẹ̀jẹ̀ lè wá kódà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Ti bàbá wa, wọ́n rí jẹ̀díjẹ̀dí nínú rẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n tún rí ohun kan tó wú, tó sì ní egbò lórí, lápá òsì ìfun, níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 25 sí ihò ìdí. Ìka dókítà kò lè dé ibẹ̀. Àwọn méjèèjì lè wà lára ẹnì kan náà, bí ẹ bá sì rí jẹ̀díjẹ̀dí, kò sọ pé ohun mìíràn kò sí lókè rẹ̀. Wọ́n já ẹran kékeré lára ohun náà lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì kọ̀wé pé kó lọ ya àwòrán ikùn àti àyà kó tó pàdé dókítà oníṣẹ́ abẹ.

Ẹ gba ìwé èsì yín kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì wo ohun mẹ́ta nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, ṣé kámẹ́rà náà dé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá, àbí ó dúró lójú ọ̀nà? Èkejì, báwo ni ìfun ṣe mọ́ tó? Ọ̀pọ̀ ń lo ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní ti Boston: ọ̀tún, àárín àti òsì ìfun, máàkì 0 sí 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Apá tí kò bá gba máàkì 2, a kò lè sọ pé a rí ibẹ̀ dáadáa. Ẹ̀kẹta, kí ni wọ́n rí, kí ni wọ́n gé, ọjọ́ wo sì ni èsì ẹran náà máa jáde? Bí kámẹ́rà kò bá dé òpin tàbí tí inú kò mọ́, “a kò rí nǹkan kan” kò tíì parí ọ̀rọ̀, wọ́n sábà máa ń ní kí a tún un ṣe. Bí kókó ni wọ́n gé, iye rẹ̀, bó ṣe tóbi tó àti irú ẹran tó jẹ́ ló máa pinnu bóyá ọdún mẹ́ta ni ẹ máa padà wá tàbí ó máa jù bẹ́ẹ̀ lọ.